Sítíkà Kò Mọ "Ẹ" Yàtọ̀ sí "O": Àrokò Ojú Fóònù Láàárín Àgbà àti Èwe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn ni ẹnu ń sọ tán, àti pé ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ fún ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó pé. Ṣùgbọ́n kí ni kí a wí nígbà tí ènìyàn kò sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ pàápàá, tí ó jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn ni ó fi ránṣẹ́, ojú tí ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ń sunkún lórí fóònù láìdáwọ́ dúró? Ẹni tí ó bá rò pé eré ọmọdé lásán ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé kan.

Àwọn ọmọ ìdílé náà fọ́n ká sí Ìbàdàn, Èkó àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n ní agbo kan lórí WhatsApp níbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn láràárọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 5, ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 6, sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé iyán ni òun fẹ́ jẹ ní ọ̀sán, nígbà tí olùkọ́ sì ní kò sí iyán, ọmọ náà ní kí wọ́n lọ wá odó. Ọ̀rọ̀ yìí pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ní Èkó fẹ́ dáhùn. Ó ṣí ibi tí ó kó sítíkà rẹ̀ sí, ó ń wo ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń wá ìyẹn tí ọkùnrin kan ti ń rẹ́rìn-ín títí tí ó fi ń yí nílẹ̀.

Bí ó ti ń wá a lọ́wọ́, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olùkọ́-àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti Ìbàdàn. Agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 8 ni. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjì òru àná ti ká ìdajì òrùlé ilé wa. Òjò ti ba ẹrù inú yàrá ìyá yín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó ṣe." Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn èyí, ọmọkùnrin Èkó rí sítíkà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ. Kò wo òkè. Bí ọkùnrin tí ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín ṣe bọ́ sí abẹ́ ìròyìn òrùlé tí ìjì ká nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan nínú ẹbí náà, tí òun ti ka ọ̀rọ̀ bàbá tí àánú sì ṣe é, fi sítíkà tirẹ̀ ránṣẹ́: ojú ọmọdékùnrin kan tí omijé ń dà lójú rẹ̀, láti inú eré sinimá àwọn Ákì àti Pọ́ọ̀pọ́ọ̀.

Bàbá wò ó. Ó kọ ọ́ pé: "Mo ti rí i. Ẹ ṣeun." Fún ọjọ́ 4 kò gbé ìpè ẹnikẹ́ni.

Àwọn méjì ni wọ́n fi ojú ránṣẹ́ sí bàbá ní òwúrọ̀ náà. Ọ̀kan kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Èkejì sì ń bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn. Síbẹ̀ ẹ̀sín kan náà ni bàbá kà nínú méjèèjì. Kí ni ó fà á? Àṣìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa nǹkan náà mọ ohun tí ó jẹ́.

Àwòrán kúkurú tí ń yí po, tí a mọ̀ sí GIF, kì í ṣe ohun àná. Ní 1987 ni Steve Wilhite àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ CompuServe ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, láti máa fi àwòrán ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nígbà tí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ ṣì ń falẹ̀. Àwọ̀ 256 péré ni àwòrán kan lè ní. A lè to àwòrán púpọ̀ sínú ẹyọ kan kí wọ́n máa tẹ̀ léra wọn bí ìgbà tí nǹkan ń rìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sáré dé òpin, wọ́n á dúró ni. Ní 1995, àwọn tí ó ṣe ètò Netscape, tí a ń fi ka ojúlé lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà, fi àṣẹ kékeré kan kún un. Àṣẹ náà ń sọ iye ìgbà tí àwòrán yóò tún bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì fi òdo síbẹ̀, kò ní dúró mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rín inú àwòrán ti di ẹ̀rín tí kò lópin. Sítíkà ni àbúrò rẹ̀, òun ni àwòrán tí a gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí ojú tàbí ara ènìyàn nìkan lè dúró lórí fóònù. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í gba GIF ní 2016, ó gba sítíkà ní 2018, ó sì gba sítíkà tí ń rìn ní 2020.

Méjèèjì kò ní ohùn. Kí ẹni tí ń sọ èdè Yorùbá má ṣe gbójú fo èyí, nítorí ohùn ni ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá kejì mọ èyí tí ó jẹ́ ti ayọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀gàn. Ẹ̀rín inú sítíkà ti bọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ojú nìkan ni ó kù. Lóòótọ́, Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń bá ni sọ̀rọ̀ ni òwe náà ń sọ, kì í ṣe ojú tí a yá lọ́wọ́ òṣèré.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo àṣìṣe àkọ́kọ́. Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan wà tí ń jẹ́ Lev Kuleshov, tí ó ń kọ́ni bí a ti ń ṣe sinimá. Ní nǹkan bí 1920, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ìtàn rẹ̀, ó mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Ó fi ojú kan náà tẹ̀ lé àwòrán àwo ọbẹ̀, ó tún fi tẹ̀ lé àwòrán pósí òkú. Àwọn tí ó wò ó yin òṣèré náà pé ó mọ bí a ti ń fi ebi hàn lójú, ó sì tún mọ bí a ti ń fi ọ̀fọ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú náà kò yí padà. Ohun tí ó ṣáájú ojú náà ni àwọn òǹwòran kà sínú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá nìyí. Ẹ̀rín kan náà tí ìbá jẹ́ ẹ̀rín ìfẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń wá odó ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù di ẹ̀rín òṣìkà lábẹ́ ìròyìn òrùlé. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í sábà bọ́ sínú ọ̀fìn yìí, nítorí pé gbólóhùn ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọkùnrin náà bá ti kọ ọ́ pé "Ọmọ yìí mà pa mí lẹ́rìn-ín o," ibi yòówù kí ó bọ́ sí, bàbá yóò mọ̀ pé ọmọ kan ni ó ń wí. Sítíkà kò lórúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà lókè rẹ̀ gan-an ni ó ń jẹ́ olúwa rẹ̀.

Àbùdá yìí wà nínú sítíkà fúnra rẹ̀, nítorí náà, a ní láti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ni ín. WhatsApp fi àyè sílẹ̀ fún un: bí a bá fi ìka fa ọ̀rọ̀ ẹnìkan sí apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ náà yóò wá dúró lókè ibi tí a ti ń kọ̀wé, ìdáhùn wa yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín ènìyàn méjì, ó lè máà pọn dandan. Nínú agbo tí ẹnu ti pọ̀, dandan ni. Bí sítíkà bá sì ti ṣì lọ, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ lè pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn láàárín ọjọ́ 2 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé fóònù yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé a pa nǹkan kan rẹ́. Ẹni tí ó ti rí i yóò rò pé ẹ̀rí ni a ń gbé pamọ́. Kíkọ̀wé lójú ẹsẹ̀ pé "Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo ń dáhùn" sàn ju pípa á rẹ́ lọ.

Àṣìṣe kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin tí ó fi ẹkún ránṣẹ́ kò ṣì í gbé. Ó ka ọ̀rọ̀ bàbá, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó sì fi sí. Kí ni ó dé tí bàbá fi ka ìbákẹ́dùn sí ẹ̀sín?

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀ràn yìí dáadáa, nítorí pé wọ́n ń pàrokò. Bí a bá so ẹyọ owó méjì ní ojú kọ ojú tí a sì fi ránṣẹ́ sí ènìyàn, ìrẹ́pọ̀ ni à ń wí. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, ìjà ti dé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni orúkọ iye náà. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, ó lè fi mẹ́jọ dá a lóhùn, pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ yìí kan náà ni a fi ń ra iyọ̀ àti epo lọ́jà. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka ẹyọ mẹ́fà náà láti àárọ̀ di alẹ́, owó ni yóò máa rí. Ìtumọ̀ àrokò kò sí nínú ẹyọ, inú àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ni ó wà. Níbi tí kò bá sí àdéhùn, kò sí àrokò. Ẹrù lásán ni ońṣẹ́ rù wá.

Ojú tí ọmọbìnrin náà fi ránṣẹ́ ní àdéhùn méjì lórí. Osita Iheme àti Chinedu Ikedieze ni òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pọ́ọ̀pọ́ọ̀ àti Ákì, láti ìgbà tí eré wọn tí ń jẹ́ Aki na Ukwa ti jáde ní 2002. Àgbà ọkùnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé ara wọn kéré, ipa ọmọdé ni wọ́n ń kó nínú eré náà, ọmọdé tí ìwà ìpáǹle kún ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ti wo irú eré wọn mọ̀ pé omijé ojú wọn kò ṣeé gbà gbọ́. Bàbá mọ eré yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wò ó nígbà tí ó wà lórí fídíò. Lójú tirẹ̀, ojú náà jẹ́ ojú ẹni tí ń sunkún lójú ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹni.

Ọmọbìnrin náà kò wo eré yìí rí. A kò tíì bí i nígbà tí ó jáde. Ní 2019, ojú àwọn òṣèré méjèèjì tàn ká orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ débi pé àwọn èwe ilẹ̀ òkèèrè tí kò gbọ́ orúkọ sinimá wa rí ń fi wọ́n dá ara wọn lóhùn. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti mọ̀ wọ́n. Láàárín òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú tí ń sunkún náà ti bọ́ kúrò nínú ìtàn tí ó ti wá. Ohun tí ó ń wí ni pé, "Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí bí ó ti ń dun ọmọ kékeré tí kò ní olùgbèjà." Bí a bá ní ká wá ẹni tí ó jẹ̀bi, a kò ní rí. Bàbá ka ojú náà bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ fi ránṣẹ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Àdéhùn ni kò sí láàárín wọn.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ, pé ọmọdé ni ó mọ èdè sítíkà, pé àgbà kò mọ̀ ọ́n, kò fi tọ̀nà. Nígbà mìíràn, àgbà ni ó mọ̀ ọ́n jù, tí ó mọ ilé tí ojú náà ti jáde wá. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ti ń lò ó ní agbo kejì. Ẹni tí yóò yan sítíkà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ kọ́ ni "Kí ni èyí ń sọ?" bí kò ṣe "Ta ni èmi àti ẹni yìí jọ gbọ́ ọ rí?" Bí ẹni tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kò bá tíì fi irú rẹ̀ dá a lóhùn rí, tí kò sì sí níbi tí a ti lò ó rí, kí ó mọ̀ pé àrokò aláìládéhùn ni ó fẹ́ pa.

Ó yẹ kí a gbà, síbẹ̀síbẹ̀, pé sítíkà àti GIF ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kì í lè sọ tán. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ pé "Mo rẹ́rìn-ín," ìròyìn ẹ̀rín ni ó fún wa. Bí ó bá fi ojú tí ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́, bí ó ti rẹ́rìn-ín ni ó fi hàn wá: bóyá ó fi ọwọ́ bo ẹnu, bóyá ó gbé orí sẹ́yìn, bóyá ó wo ẹgbẹ́ kan kí ó tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, yíyípo náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rín gidi máa ń bẹ̀rẹ̀, a máa pọ̀ sí i, a sì máa rọlẹ̀, àti nínú ìrọ̀lẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àwòrán tí ń yí po kò ní ìrọ̀lẹ̀. Ibi tí ẹni tí ó gé e bá gé e sí, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ dúró sí títí láé. Bí a bá mú òṣèré tí ó sunkún fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 tí ó sì bẹ́ sẹ́rìn-ín ní ìkẹrin, tí a gé e ní ìkẹta, a ti sọ aṣeré di ọlọ́fọ̀. Láàárín ọ̀rẹ́, àìlópin yìí a máa dùn bí ègbè orin. Lójú ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, bí ó bá ti ṣí fóònù ni ẹni tí ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó jẹ mọ́ èdè Yorùbá tààrà, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀ràn bàbá yìí. Nínú èdè wa, kò sí bí ọmọdé ti lè bá àgbà sọ gbólóhùn kan kí ó má yan ipò tí ó dúró sí. "Ẹ pẹ̀lẹ́" ni àbí "Pẹ̀lẹ́"? "Wọ́n dé" ni àbí "Ó dé"? Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu, ọ̀wọ̀ ti wà níbẹ̀, tàbí kí àìsí rẹ̀ ti hàn. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ tún ń tì í lẹ́yìn. Sítíkà kò ní "ẹ", kò sì ní "o". Ojú kan náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tí a jọ ń ṣeré àti sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni.

Fún àwọn èwe, ìsinmi ni èyí. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ẹnìkan jù ú lọ tàbí kò jù ú lọ lè fi sítíkà dáhùn kí ó bọ́ lọ́wọ́ yíyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ìsinmi fún ẹni tí ń fi ránṣẹ́, òfò ni fún àgbà tí ń gbà á. Nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ òrùlé rẹ̀, ohun tí ó ń retí kò ju "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ kú ewu" lọ. Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n "ẹ" wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nípò wọn, ojú méjì tí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí èwe ni ó rí. Kódà bí kò bá ka ẹ̀sín sínú wọn, ebi ọ̀wọ̀ ni wọn ìbá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo àwòrán tí àwọn àgbà fúnra wọn máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, òdòdó pupa tàbí oòrùn tí ń yọ. Ọ̀rọ̀ ìkíni àti àdúrà kì í sábà wọ́n nínú rẹ̀. Àgbà kì í fẹ́ fi òdòdó sílẹ̀ kí ó dá sọ̀rọ̀.

Báwo ni ọ̀ràn bàbá ṣe wá parí? Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ń gbé ní Ìbàdàn kan náà, ni ó kọ́kọ́ fura. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí sítíkà túmọ̀ sí. Ó padà sínú agbo, ó ka àkókò tí fóònù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ìṣẹ́jú kan péré ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ bàbá àti ẹ̀rín, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó pani lẹ́rìn-ín lókè rẹ̀ ju ti odó lọ. Ó pe ọmọkùnrin Èkó. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, nítorí pé títí di ìgbà náà kò tíì mọ ohun tí ó ṣe. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín ni mo fi rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́." Bàbá gbé e dìde. Ọmọbìnrin náà sì tẹ bàbá láago ní ọjọ́ kan náà, ó ń sunkún gidi. Bàbá ní: "Ìyá mi, ẹkún tí mo ń gbọ́ yìí ni ó yẹ kí o ti rán sí mi. Ti Pọ́ọ̀pọ́ọ̀ yẹn, èmi ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí ọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. A sì rí owó kan òrùlé náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà àbáyọ ni kí a lé sítíkà kúrò nínú agbo ẹbí pátápátá. Èyí kò mọ́gbọ́n wá. Àṣà wa kò lé òwe kúrò lẹ́nu ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni òwe náà jẹ́ ẹnu tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì lè gún àgbà lára. Ohun tí àṣà ṣe ni pé ó fún un ní àṣẹ ìwọlé. Ọmọdé tí ó bá pa òwe níwájú àgbà yóò sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Àgbà yóò dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó fi ọ̀wọ̀ padà síbi tí ẹnu yíyá ti fẹ́ gbé e kúrò.

Irú "tótó" bẹ́ẹ̀ ni sítíkà ń fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àwàdà láàárín ẹgbẹ́, kí wọ́n máa fi í ṣeré bí ó ti wù wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti òkú, ti àìsàn, ti àdánù, ti owó tàbí ti ẹ̀bẹ̀, tí àgbà sì ni ó ni ín, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú "ẹ" tí ó yẹ nínú rẹ̀, kí àwòrán tó tẹ̀ lé e bí ó bá tilẹ̀ ṣe dandan. Ẹ̀yin àgbà náà, kí ẹ tó sọ fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè àwòrán náà, ẹ wo aago rẹ̀, kí ẹ sì bi ọmọ náà léèrè. Ọmọlúwàbí ni a ní a ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún, òun náà ni yóò béèrè ààbọ̀ tí ó kù.